Ọ̀rọ̀ ìdágbére fún ìyá àgbà

Ọmọọmọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú ìyá àgbà kò nílò ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Ibi tí yóò ti dákẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ fi bírò sàmì sí nínú ìwé rẹ̀.

Oríkì màmá ni ìbẹ̀rẹ̀: “Àbẹ̀kẹ́, tó máa ń bu oúnjẹ wa pamọ́ ká tó ti ilé ìwé dé.” Kó dákẹ́ díẹ̀. Orúkọ yẹn ló sábà máa ń fa ẹkún, kò sì dáa kéèyàn sáré kọjá lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òwe: “Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.” Níwájú àgbà, ọmọdé á fi kún un pé, “Tótó, ó ṣe bí òwe o.” Àwọn àgbà á dáhùn pé, “Wà á rí òmíràn pa.” Ìdákẹ́ kejì nìyẹn, ọ̀pọ̀ tó ń ka ìwé kì í dúró gba ìdáhùn yìí. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ kò bá tọ́jú màmá lọ́jọ́ ogbó, òwe náà á dà bí èébú. Kó fò ó.

Bí ohùn bá há, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó dúró tì í gba ìwé, kó máa kà á lọ láti ibi àmì tó kàn.