Nígbà Tí Bàbá Bíríkìlà Bá Ní "Ó Ti Yé Mi"

Ní sáìtì ilé alájà méjì kan ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún 28 ni ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́. Ọ̀gá bíríkìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti lé ní 60, ó sì ti ń po kankéré kí wọ́n tó bí ẹnjiníà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da kankéré sínú àwọn òpó ìsàlẹ̀, ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín omi kù díẹ̀ lónìí." Bàbá ní, "Ó ti yé mi, Ẹnjiníà." Ẹnjiníà bọ́ sẹ́yìn fẹ́ǹsì láti gba fóònù. Kó tó padà dé, kankéré ti ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, lébìrà kan sì tún ń da garawa omi mìíràn lé e.

Kò sí ẹni tó jà. Kò sí ẹni tó ní òun kò ní ṣe é. Ohun tó mú irú àìgbọ́ràn yìí le nìyẹn: ẹni tó bá kọ̀ lójúkojú ti fún ọ̀gá ní ohun tí wọ́n lè jọ jiyàn lé lórí, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà lẹ́nu tí kò gbà lọ́wọ́ kò fi ibi kankan sílẹ̀ tí èèyàn lè dì mú. Ẹni tó bá fẹ́ tètè fura, kó má wo ẹnu bàbá, ọwọ́ àwọn lébìrà ni kó máa wò. Bí ọ̀gá ọ̀dọ́ bá sọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú bàbá kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì, a ti mọ ẹni tí sáìtì ń gbọ́ tirẹ̀. Ohun kejì ni pé bàbá kì í béèrè ohunkóhun. Ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan lọ́nà tuntun á fẹ́ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye tó jẹ́, àti ohun tí yóò ṣe bí kò bá rí bó ṣe yẹ. Ẹni tí kò bá ní í ṣe é, kí ló fẹ́ bi ni?

Kì í ṣe sáìtì wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Florian Kunze àti Jochen Menges, wo ilé-iṣẹ́ 61 ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n rí i pé níbi tí àwọn ọ̀gá bá ti kéré gan-an lọ́jọ́ orí sí àwọn tí wọ́n ń darí, inú òṣìṣẹ́ kì í dùn, ìbínú àti ìbẹ̀rù máa ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ náà sì máa ń já wálẹ̀. Ilẹ̀ Jámánì lèyí o, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló tiẹ̀ burú nínú omi tó lé díẹ̀? Sìmẹ́ǹtì kò lè dì láìsí omi, ṣùgbọ́n omi tó ń mú un dì kò tó èyí tí a fi ń pò ó. Èyí tó ṣẹ́ kù á gbẹ, á sì fi àwọn ihò tíntìntín sílẹ̀ nínú kankéré. Ní 1918, Duff Abrams ní Ṣikágò fi àyẹ̀wò rẹpẹtẹ hàn pé bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i ju sìmẹ́ǹtì lọ ni agbára kankéré ń dín kù. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ǹtì kan. Bí wọ́n bá fi lítà omi 25 pò ó, ó ṣe déédéé fún òpó bẹ́ẹ̀. Bí omi bá di lítà 35, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára kankéré náà lè lọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ojú yóò rí lára òpó lẹ́yìn tí wọ́n bá já pákó. Èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ tiẹ̀ máa ń dán ju èyí tó dára lọ.

Ìdí nìyí tí ọgbọ̀n ọdún bàbá lẹ́nu iṣẹ́ kò fi kọ́ ọ ní nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ilé tó kọ́ ló ṣì dúró, kò sì sí ẹni tó padà lọ wọn agbára òpó wọn. Ní ojú tirẹ̀, ìwé ni ẹnjiníà ń kà, ilé ni òun ń kọ́.

Ẹnjiníà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó fi sọ̀rọ̀ ló sọ àṣẹ náà di nǹkan tí kò ní ìwọ̀n. Bí ọmọ Yorùbá bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ó máa ń rọ ọ̀rọ̀ lójú, ó máa ń fi "ẹ bá wa" àti "díẹ̀" kún un, nítorí pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi díẹ̀ ti ẹni tó kàwé lè jẹ́ lítà mẹ́wàá, ti bàbá lè jẹ́ ife kan. Bí bàbá bá da ife kan nù lára omi náà, ó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun gbọ́ràn.

Ohun tí ẹnjiníà kọ́kọ́ ṣe burú ju ìyẹn lọ: ó jágbe mọ́ bàbá níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ tí bàbá fúnra rẹ̀ kó wá láti àdúgbò rẹ̀. Bàbá kò fèsì. Ó fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, gbogbo lébìrà sì dúró. Fún wákàtí kan, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti pò ń dì lọ nínú páànù, wọ́n sì ní láti dà á nù. Owó àpò mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, "ó ti yé mi" ti di "hẹn" lásán.

Ọjọ́ kẹta ni nǹkan yí padà. Lẹ́yìn tí wọ́n fọ irinṣẹ́ tán tí àwọn lébìrà ti lọ, ẹnjiníà lọ bá bàbá níbi tó ti ń wọ aṣọ ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Kò dárúkọ omi àná. Ó bi í léèrè nípa iṣẹ́: "Bàbá, bí a bá pò ó le bí mo ṣe wí, ibo ló ti máa ń fún yín ní wàhálà?" Ìbéèrè yìí yàtọ̀ sí "kí ló dé tẹ́ ò gbọ́ràn?" Ẹni tí wọ́n bi ní èkejì á gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bi ní èkíní á di ẹni tó mọ iṣẹ́.

Bàbá sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní irin inú òpó náà sún mọ́ra jù, àti pé gíránáìtì tíríkọ́tà ni wọ́n kó wá. Bí kankéré bá le, òkúta á há sáàárín irin, kò ní dé ìsàlẹ̀. Wọ́n á já pákó, wọ́n á bá ihò ńláńlá níbẹ̀ tí irin á máa yọjú, bàbá onílé á sì wí fún gbogbo ayé pé bíríkìlà ló ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ó ní kò sí fáíbírétọ̀ ní sáìtì, ọ̀pá igi ni wọ́n fi ń gún un. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó ń dùn ún jù: iye kan pàtó ni wọ́n gba òpó náà fún, kì í ṣe owó ojúmọ́. Kankéré tó le á gba àkókò, bí ilẹ̀ bá sì ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́, àpò òun ni owó oúnjẹ lébìrà ti máa jáde.

Kò sí ìgbéraga nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òótọ́ ni gbogbo wọn. Kankéré líle láìsí fáíbírétọ̀ á ní ihò nínú lóòótọ́, ìyẹn náà sì lè pa ilé. Ẹnjiníà pàṣẹ ohun tó tọ́ láìpèsè ohun tí àṣẹ náà nílò, omi sì ni bàbá fi ń tún àìsí fáíbírétọ̀ ṣe.

Nítorí náà, ohun tó yí padà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò pọ̀. Wọ́n yá fáíbírétọ̀. Wọ́n fi gíránáìtì háàfù rọ́pò tíríkọ́tà fún àwọn òpó. Ẹnjiníà bá kọngílá sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi nǹkan díẹ̀ kún owó òpó. Wọ́n wá gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po kankéré: àpò kan, kẹ́ẹ̀gì kan, kò sì sí garawa mọ́ lágbègbè náà. Ẹnu ẹnjiníà lè máa bá a lọ láti bọ̀wọ̀ fún bàbá bó ṣe fẹ́, kẹ́ẹ̀gì ló ń sọ iye. Bó bá di dandan pé kó rọ̀ sí i, wọ́n fẹnu kò pé omi kò ní dá wọlé: lítà kan, kílò sìmẹ́ǹtì méjì.

Apá kan wà tí ẹnjiníà fi lé bàbá lọ́wọ́ pátápátá, ibẹ̀ ló sì gbọ́n jù sí. Lẹ́yìn òjò, yanrìn máa ń fa omi mu, omi inú yanrìn náà sì jẹ́ ara lítà 25 yẹn. Kẹ́ẹ̀gì kò mọ èyí, ṣùgbọ́n bí bàbá bá bu yanrìn sọ́wọ́ tó fún un, ó mọ̀ bóyá ìdá mẹ́ta kẹ́ẹ̀gì nínú mẹ́rin ló máa tó. Wọ́n gbà pé bàbá nìkan ló lè pàṣẹ pé kí omi dín sí kẹ́ẹ̀gì kan, kò sì sí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ẹnjiníà, tó lè mú un lé. Àwọn lébìrà rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá ṣì ń múlẹ̀.

Wẹ́dà kan bá wọn fi páànù ṣe agolo tó rí bí òkòtó, tí kò ní ìdérí lókè àti nísàlẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 30 ní gíga, 20 ní ìsàlẹ̀, 10 lókè. Wọ́n á bu kankéré sí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25, wọ́n á wá fà á sókè jẹ́jẹ́. Bí kankéré bá rì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méje ààbọ̀ sí mẹ́wàá, ó dára fún iṣẹ́ wọn. Bó bá tú ká sílẹ̀, omi ti pọ̀. Bàbá ló ń di ọ̀pá náà mú. Nígbà àkọ́kọ́ tó tú ká lójú rẹ̀, ó yíjú sí ẹni tó po kankéré, ó sì bú u dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo àgbà ló máa ń dé ibi tí bàbá yìí dé. Bí omi bá tún pọ̀ lẹ́yìn gbogbo àdéhùn, kankéré ni kí ọ̀gá ọ̀dọ́ dá dúró, kì í ṣe àgbà: "Èyí kò ní wọ inú pákó," kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, láìgbóhùn sókè, kó sì dúró tì í títí wọn yóò fi kó o kúrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó kù, ìrọ̀lẹ́ ni. Kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé sáìtì, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹni tó mú bàbá wá síbi iṣẹ́ ló yẹ kó gbọ́, kó lè jókòó láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ fẹjọ́ sun kó tó bá bàbá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá sì ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbé àgbà náà kúrò nídìí òpó àti dẹ́kíìnì, kó lọ máa tẹ́ búlọ́ọ̀kù tàbí kó máa rẹ́ ilé, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dáa tí àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní pa ẹnikẹ́ni.

Ní sáìtì tí a ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ omi pípò yanjú. Ọ̀rọ̀ bíbu omi rin òpó fún ọjọ́ méje kò yanjú. Bàbá gbà pé òpó tó ti le ti le náà nìyẹn, kò sì sí àlàyé tó yí i lérò padà. Ẹnjiníà kò bá a fa ìyẹn mọ́: ó ra rọ́bà omi gígùn, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún ọmọkùnrin tó ń sọ́ sáìtì lálẹ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú owó díẹ̀ lórí owó oṣù rẹ̀.