Ọwọ́ Mọ Ìránṣọ, Màṣíìnì Ni Kò Sí

Bí ọdún Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí èèyàn sì rìn yíká ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ n'Ìbàdàn, yóò rí i pé kì í ṣe ẹnì kan ló ń rán aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá á gé aṣọ, ẹlòmíràn á rán an. Ọmọ iṣẹ́ á gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ oníwíífù kí wọ́n bá a di etí rẹ̀ kó má baà máa tú. Bó bá jẹ́ agbádá, ó tún di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sọ́rùn aṣọ. Lẹ́yìn náà lẹnì kan á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ to bọ́tìnì àti húùkù sí i. Owó tọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san fún ìpele kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún gan-an kò ní ju màṣíìnì ìránṣọ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ gbà, tó ti gbàwé ẹ̀rí, àmọ́ tí kò lówó màṣíìnì tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ìránṣọ ti pín sí wẹ́wẹ́ tipẹ́. Èyí tí kò gba irinṣẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbá mú.

Kí ni ìwé ẹ̀rí wá wà fún? Oníbàárà tó mú léèsì wá kì í béèrè ìwé. Aṣọ tí èèyàn ti rán ló fẹ́ rí. Àmọ́ ìwé NABTEB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1992 fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, tàbí ti Tíréèdì Tẹ́ẹ̀sì, wúlò níbi tí wọ́n bá ti ń gba òṣìṣẹ́ sínú ìwé: iléeṣẹ́ tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù, ilé ìwòsàn ńlá tó ní yàrá ìránṣọ tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ń wá olùkọ́. Kí èèyàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri irú ibi bẹ́ẹ̀, kó sì máa ṣe nǹkan mìíràn lọ títí wọn á fi pè é.

Nǹkan mìíràn tó sún mọ́ni jù ni kí èèyàn máa bá ọ̀gá kan ránṣọ ní iye-aṣọ-iye-owó. Ọ̀gá ló ni màṣíìnì, òun ló ń san owó iná, òun ló sì ń gba oníbàárà. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan tí a ó pè ní Bùsáyọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ká sì fojú bu iye owó, torí ó yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò. Ká ní ọ̀gá ń gba ₦6,000 lórí gáàwù àǹkárá, ó sì ń fún Bùsáyọ̀ ní ₦2,000. Bó bá rán méjì lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ₦20,000 ló bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà, kò sì ná kọ́bọ̀ lórí òwú tàbí sípù.

Níbo ni ìjà ti ń wá? Lórí ọjọ́ ìsanwó ni. Àwọn ọ̀gá kan á ní, “Bí oníbàárà bá wá gbé aṣọ rẹ̀, mo máa fún ẹ.” Ó jọ ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n oníbàárà mìíràn á fi aṣọ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kí àdéhùn Bùsáyọ̀ jẹ́ pé bí aṣọ bá ti parí, tí ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò tó sì gbà á, owó ti wọlé, kí wọ́n máa san án ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ aṣọ kọ̀ọ̀kan sí, kí ọ̀gá sì máa fọwọ́ sí i. Kó tún dọ́gbọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó múlé gbè wọ́n bóyá òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, owó ni kì í san.

Bó bá pẹ́ díẹ̀, àwọn ará ilé àti ará ìjọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ fún Bùsáyọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé kó máa rán an ní kọ̀rọ̀ lórí màṣíìnì ọ̀gá? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ohun tó dára ni kó sọ fún ọ̀gá lójúkorojú pé òun fẹ́ máa san owó màṣíìnì lórí aṣọ tòun, kó máa rán an lẹ́yìn tí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù bá parí. Ká ní òun náà gba ₦6,000, ó san ₦1,500 fún ọ̀gá, òwú, sípù àti wíífù kó ₦800. ₦3,700 ló kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó ti tẹ́lẹ̀.

Ewu rẹ̀ wà o. Bó bá ba aṣọ jẹ́, òun ló máa san án. Léèsì ₦40,000 kan tí sáàsì kọjá lára rẹ̀ níbi tí kò yẹ, owó ogún gáàwù tó rán fún ọ̀gá ló bá a lọ. Nítorí náà, àǹkárá ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó sì gba ìdajì owó kó tó gé e, torí ìyẹn ni yóò fi ra sípù àti òwú.

Iṣẹ́ kan tún wà tí kò gba màṣíìnì rárá, tí àwọn tó gbàwé ẹ̀rí sì máa ń fojú kéré: gèlè tí wọ́n ń pè ní ọtò-gèlè. Obìnrin tí kò mọ gèlè wé á gbé gèlè rẹ̀ wá kí wọ́n bá a wé e, kí wọ́n rán an mọ́lẹ̀, kó lè máa dé e bíi fìlà. Orí bèbí tí wọ́n ń fi wé e, abẹ́rẹ́, òwú tó bá àwọ̀ gèlè mu, píìnì, sitéè tí áyọ̀ọ̀nù ń lẹ̀ àti rọ́bà fún ẹ̀yìn ló gbà. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn orí oníbàárà, nítorí gèlè tó fún á máa fọ́ni lórí, èyí tó sì tóbi á yọ́ sẹ́yìn lójú agbo. Wọ́n á wé e, wọ́n á to ìṣẹ́po rẹ̀, wọ́n á fi píìnì mú un, kí wọ́n tó wá fi ọwọ́ rán ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan láti inú kí okùn má hàn síta. Ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìṣẹ́po síketi ti mọ ìdajì rẹ̀.

Bí owó bá wá kó jọ, bóyá nínú àjọ, màṣíìnì aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń fọwọ́ yí ló yẹ kó kọ́kọ́ rà, kódà bó jẹ́ àlòkù, torí kò gba iná, ó sì ṣeé gbé. Irú rẹ̀ làwọn òbíọmà ń gbé léjìká kiri àdúgbò, tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kù, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ sípù.

Kó má sanwó àlòkù láìdán an wò. Kó kọ́kọ́ fọwọ́ yí táyà rẹ̀: bó bá ń há níbì kan, ó ń fẹ́ àtúnṣe. Kó di ọ̀pá tó gbé abẹ́rẹ́ dání mú, kó mì ín. Bó bá ń mì lọ́tùn-ún lósì, inú rẹ̀ ti jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi ránṣọ lórí àjákù méjì tó gbé léra, kó sì yí i wò lódìkejì. Bí òwú bá ń ta kókó nísàlẹ̀, òwú òkè ló dẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kí wọ́n kàn yí ìdè rẹ̀ díẹ̀ ló kù. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń fo ìran, kó fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i kó tún un rán. Bó bá ṣì ń fò, kó wá òmíràn lọ. Ní ti màṣíìnì wíífù, kó má tíì ronú kàn án: oníwíífù tó wà lójú títì á bá a ṣe é.