Kẹ́ ẹ tó fowó sí sáìtì tẹ́tẹ́ yẹn, ẹ wo ẹni tó fún un láṣẹ

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí bọ́ọ̀lù Ìngílándì ń lọ lọ́wọ́, àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Pólì Ìlaròó já wọlé bá mi. Kò tíì jókòó tó fi na fóònù ẹ̀ sí mi. "Bọ̀dá mi, ẹ wò ó, mo ti jẹ ₦47,000! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ₦12,000 kí n fi gbà á jáde."

Mo ní, "Ṣé owó ni wọ́n fi ń gbowó tí èèyàn jẹ ni?" Ó ní owó orí ìjọba ni, pé àwọn tó ni sáìtì náà sọ pé kóun kọ́kọ́ san án. Mo bi í pé èló ló ti kó sínú ẹ̀. Ó ní ₦5,000 péré. Ṣùgbọ́n ₦30,000 ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, owó gàrí tí ìyá ẹ̀ tà ní ọjà Ayétòrò, tó yẹ kó fi san owó ilé ìwé. Tí wọ́n bá sanwó yìí fún un, gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ dà sí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Mi ò bá a jà. Èmi náà ti ta tẹ́tẹ́ rí, ta ni yóò purọ́ fún ọmọ ẹ̀? Mo kàn ní kó ṣí sáìtì náà, kó máa fà á lọ sísàlẹ̀ títí tó fi máa tán. Ìsàlẹ̀ yẹn, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í dé, ni sáìtì tẹ́tẹ́ máa ń kọ orúkọ iléeṣẹ́ tó ni ín sí, àti ìjọba tó fún un láṣẹ.

Ohun mẹ́ta la bá níbẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ kan wà. Wọ́n kọ ọ́ pé National Lottery Regulatory Commission ló fún àwọn láṣẹ. Wọ́n tún ya àmì kan síbẹ̀ tó ní àwọn gbàṣẹ ní Curaçao. Inú àbúrò mi dùn. Ó ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i? Ìjọba mọ̀ wọ́n." Mo ní kó fara balẹ̀, ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àṣẹ Àbújá. Láti ọdún 2005 tí wọ́n ti ṣòfin lọ́tìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, àjọ tí mo dárúkọ yẹn ló ń fún àwọn oníṣòwò tẹ́tẹ́ ní ìwé àṣẹ. Ìjọba Èkó ò gbà. Wọ́n ní òfin ilẹ̀ wa ò fi ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù tó ga jù lọ lọ́dún 2008. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi fà á. Lọ́jọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, àwọn adájọ́ méje fẹnu kò pé òótọ́ ni Èkó sọ: àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ nìkan ló láṣẹ láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ ní ìpínlẹ̀ wọn. Wọ́n wọ́gi lé òfin ọdún 2005 náà. Àbújá nìkan ló ṣì ti lágbára.

Ẹ rí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń gbé Ìlaròó. Sáìtì tó bá ń fi àṣẹ àjọ àpapọ̀ nìkan yangàn, àṣẹ tí kò dé ìpínlẹ̀ Ògùn ló fi ń yangàn. Kì í ṣe gbogbo sáìtì tó ṣì kọ ọ́ síbẹ̀ ni olè o. Ó lè jẹ́ pé wọn ò tíì pa á rẹ́ ni, kí wọ́n sì ti gba àṣẹ ìpínlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òun nìkan lẹ bá, ìbéèrè yín ò tíì rí ìdáhùn: ta ló fún wọn láṣẹ ní Ògùn?

Orí ayélujára kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú kan, èèyàn lè jókòó sí Ìlaròó kó ta tẹ́tẹ́ lórí sáìtì tó gbàṣẹ ní Èkó. Ìdí nìyẹn tí àwọn àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ láwọn ìpínlẹ̀ fi kóra jọ, wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà ní Federation of State Gaming Regulators of Nigeria. Wọ́n dá ìwé kan sílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa rí lójú fóònù ni Universal Reciprocity Certificate. Ẹni tó bá gba ìwé yìí lè ṣòwò orí ayélujára káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, láìjẹ́ pé ó ń tọrọ àṣẹ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Nítorí náà, ọ̀kan nínú nǹkan méjì lẹ ń wá: àṣẹ láti ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra ẹ̀, tàbí ìwé àjọlò yìí. Tó bá jẹ́ ìwé àjọlò, ẹ wò ó bóyá Ògùn wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó dé.

Curaçao ńkọ́? Erékùṣù kékeré kan ni lójú òkun Kàríbíánì, ọ̀pọ̀ sáìtì tẹ́tẹ́ lágbàáyé ló ń gbàṣẹ níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ṣe òfin tuntun tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kejìlá ọdún 2024. Àmọ́ àṣẹ Curaçao dà bí ìwé ọkọ̀ tí wọ́n gbà ní ìlú òyìnbó: kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kò sọ pé kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ yẹn kérò láti Ìlaròó lọ Owódé. Tí wọ́n bá jẹ yín lówó, ṣé Kàríbíánì lẹ máa lọ fẹjọ́ sùn?

Ó wá ku orúkọ iléeṣẹ́. A lọ sórí sáìtì CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ náà jáde lóòótọ́! Àbúrò mi fò sókè. Mo ní kó jókòó. Ìforúkọsílẹ̀ CAC ń sọ pé iléeṣẹ́ kan wà ni, kò sọ pé ó lè gba tẹ́tẹ́. Ẹni tó fẹ́ ta bíríkì náà á lọ CAC. Ẹ rántí CBEX tó dàrú lóṣù Kẹrin ọdún 2025, tí àwọn èèyàn ya lọ sí ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn. Kì í ṣe tẹ́tẹ́ ni tiwọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Wọ́n forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní ìwé tó jẹ mọ́ gbígbógun ti fífi owó ẹ̀gbin pamọ́. Èyí tí wọn ò ní ni àṣẹ SEC, àjọ tó yẹ kó fún ẹni tó bá ń gbowó ìdókòòwò lọ́wọ́ aráàlú láṣẹ. Ìwé pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ìwé tó kan iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an ni kò sí.

Bá a ṣe ń yẹ àṣẹ gan-an wò rèé. Ẹ má tẹ àmì tó wà lórí sáìtì tẹ́tẹ́ náà, torí ẹni tó bá fẹ́ lu jìbìtì lè so ó mọ́ ojú ìwé tó ṣe fúnra ẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín wá ojú òpó àjọ ìjọba náà, kẹ́ ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ tún wo àdírẹ́sì sáìtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé èyí tó wà lójú fóònù yín, lẹ́tà kan sí ìkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú wa jù. Wọ́n á fi lẹ́tà kan kún orúkọ sáìtì tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n á ya gbogbo ojú ẹ̀ bí ti gidi, àṣẹ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n á sì kọ sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá rí orúkọ wọn rárá, ẹ pe àjọ náà, tàbí kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wọn. Kí èsì tó dé, ẹ má fi kọ́bọ̀ sí i.

A wá tí àbúrò mi. Kò sí orúkọ iléeṣẹ́ náà níbì kankan.

Mo bi í pé báwo ló ṣe san ₦5,000 àkọ́kọ́. Ó ní ejẹ́ǹtì kan lórí Wasáàpù ló fún òun ní àkáǹtì. Nígbà tó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà sínú áàpù báńkì ẹ̀, orúkọ obìnrin kan ló jáde. Ìyẹn nìkan ti tó o. Iléeṣẹ́ tó gbàṣẹ máa ń gbowó lórúkọ iléeṣẹ́ tàbí láti ọwọ́ àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ gbowó, kì í ṣe àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Owó orí sì rèé: tó bá wà, inú owó tẹ́ ẹ jẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí ìyókù tó wọlé. Kò sí iléeṣẹ́ gidi tó máa ní kẹ́ ẹ lọ mú owó tuntun wá.

Nọ́ńbà ejẹ́ǹtì náà tún dá mi lójú, torí +229 ló fi bẹ̀rẹ̀, 01 sì tẹ̀ lé e. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn, láti òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni gbogbo nọ́ńbà wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Àwa tá a wà lẹ́nu bodè ló yẹ kó tètè fura sí èyí. Ní Ìdí-Ìrókò tàbí Ìlárá, fóònù yín lè gbé nẹ́tíwọọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ láì sọ fún yín. Bẹ̀nẹ̀ ní iléeṣẹ́ lọ́tìrì ìjọba tiwọn, wọ́n ń pè é ní LNB, wọ́n sì ní òfin tiwọn. Sáìtì tó bófin mu lọ́hùn-ún kò bófin mu níbí nítorí pé bodè ò jìnnà. Ibi tẹ́ ẹ wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ta tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti wá. Tẹ́ ẹ bá sì fi owó sẹfà ránṣẹ́ sí ẹnì kan lókè bodè, àjọ Ògùn ò lè bá yín fà á yọ, ti Bẹ̀nẹ̀ ò sì mọ̀ yín rí.

Ìdí tí àṣẹ fi ṣe pàtàkì gan-an nìyẹn. Kò sọ pé ẹ máa jẹ o. Iléeṣẹ́ tó láṣẹ náà á jẹ owó yín tí bọ́ọ̀lù ò bá lọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Àǹfààní ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ tí wọn ò sanwó, ẹnì kan wà tó lè gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹjọ́ sùn pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ àti rìsíìtì báńkì, wọ́n á dáhùn. Sáìtì tí kò láṣẹ, ta lẹ máa bá sọ ọ́?

Àbúrò mi ò rí ₦5,000 ẹ̀ gbà. A kọ̀wé sí báńkì ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ní owó ti kúrò nínú àkáǹtì ọ̀hún. ₦47,000 yẹn ṣì ń tàn yòò lójú fóònù ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí sáìtì náà tó wábi gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń san owó ilé ìwé ló lọ, kò lọ sọ́dọ̀ ejẹ́ǹtì. Ó fi rìsíìtì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìyá ẹ̀ ò mọ nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.