Ìforúkọsílẹ̀ Wo Ló Fẹ́ Parí?

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń kọ sábẹ́ àwòrán ìpolówó kíláàsì Jáàmù orí ayélujára kì í gùn, àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ń ṣi àwọn òbí lọ́nà: "Ìforúkọsílẹ̀ parí lọ́jọ́ Ẹtì." Ti kíláàsì ni, àbí ti Jáàmù fúnra rẹ̀? Ẹni tó sanwó kíláàsì kò tíì forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ìyẹn gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN àti títẹ ìka ní ibùdó tí Jáàmù fọwọ́ sí.

Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn rèé: "Ìbéèrè 180, wákàtí 2. Alaalẹ́ la ó máa fi aago dánra wò. Ọjọ́ Ẹtì, aago 6 ìrọ̀lẹ́, la ó ti ìlẹ̀kùn kíláàsì wa; ti Jáàmù yàtọ̀."

Ó dára, torí ó sọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹ pín wákàtí méjì náà sí ọ̀nà 180: ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó mọ̀wé gan-an lè má parí rẹ̀ bí kò bá tíì fi aago dánra wò rí.

Bí ìpolówó bá ṣèlérí máàkì 300 láìsọ ohun tí wọ́n máa kọ́ ọmọ, ẹ má sanwó.