Lédè Gẹ̀ẹ́sì, Àwọ̀ Máa Ń Sún Mọ́ Ọ̀rọ̀ Orúkọ Ju Ọjọ́ Orí Lọ

Ìbéèrè kan wà nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé dáadáa dúró. Wọ́n á kọ gbólóhùn kan tó ní àlàfo, wọ́n á wá to ìdáhùn mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, A dé D. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n ṣe tò wọ́n nìkan ló yàtọ̀. Kò sí èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yéni, síbẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ló tọ̀nà.

Ètò àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni ìbéèrè náà ń dán wò. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọn a máa ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, wọ́n sì ní ipò. Èrò ẹni nípa nǹkan ló ń kọ́kọ́ wá, bíi “lovely” tàbí “ugly”. Bí nǹkan ṣe tóbi tàbí kéré tó ló tẹ̀ lé e, bíi “big” àti “small”. Bó ṣe pẹ́ tó ló kàn, bíi “old” àti “new”. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, àwọ̀ ló wá kẹ́yìn, òun ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ jù.

Àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ èdè ń ṣe nípa rẹ̀ ni pé ohun tí àwọn èèyàn kì í jiyàn lé lórí ló ń sún mọ́ orúkọ. Ilé tó wu èmi lè má wu ìwọ. Ilé tí mo pè ní ńlá lè kéré lójú ẹni tó ń gbé inú ààfin. Ṣùgbọ́n bí ilé bá funfun, gbogbo wa la jọ rí i.

Àwọn tó ni èdè náà kì í jókòó kọ́ òfin yìí. Etí wọn ló ń sọ fún wọn. J. R. R. Tolkien, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ nínú lẹ́tà kan ní 1955 pé nígbà tí òun tó bí ọmọ ọdún méje, òun kọ ìtàn dírágónì kan, òun sì fi “green” ṣáájú “great”. Ìyá rẹ̀ ní kò ṣeé sọ bẹ́ẹ̀, “great” ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Tolkien di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè, síbẹ̀ ó ní ìdí rẹ̀ ṣì ń ya òun lẹ́nu.

Ní ti àwa Yorùbá, orúkọ la máa ń kọ́kọ́ dá kí a tó ṣàpèjúwe rẹ̀: ilé funfun ńlá kan tó rẹwà. Ẹ jẹ́ kí a lo àṣà yìí fún ìdánwò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, kí ẹ máa kà á padà sẹ́yìn: orúkọ, àwọ̀, ọjọ́ orí, ìwọ̀n, èrò. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

My uncle lives in ______.
A. a lovely old big white house
B. a lovely big white old house
C. a big lovely old white house
D. a lovely big old white house

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó kángun sí “house”. “White” ló wà nínú A, C àti D, ṣùgbọ́n “old” ló wà nínú B, nítorí náà B ti jáde. Ẹ sún sẹ́yìn: ọjọ́ orí ló yẹ kó wà níbẹ̀, “big” la sì bá nínú A. A ti jáde. Ẹ tún sún sẹ́yìn: ìwọ̀n ló kàn, C sì gbé “lovely” síbẹ̀. D nìkan ló kù, òun náà ni ìdáhùn.

Ẹ ṣọ́ra fún “and”. Ó lè so ọ̀rọ̀ méjì tó jẹ́ irú kan náà pọ̀, bíi “a black and white cow”, nítorí pé àwọ̀ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n “a big and white house” kò dùn létí, torí pé ìwọ̀n àti àwọ̀ kì í ṣe irú kan náà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì ti di ara orúkọ. “Old boy” là ń pe ẹni tó ti jáde nílé ìwé kan, ìyẹn ni “a young old boy” kò fi jẹ́ àṣìṣe: “old” ibẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ orí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “big bad wolf” inú àlọ́ wọn, níbi tí ìwọ̀n ti ṣáájú èrò. Bó ṣe wà nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń tún un tò.

Lẹ́yìn ìdánwò, agbára káká ni ẹ ó fi rí òǹkọ̀wé rere tó máa to àpèjúwe mẹ́rin síwájú orúkọ kan. Méjì máa ń tó, èyí tó bá ṣẹ́ kù a wọ gbólóhùn mìíràn. Bí ó bá sì jẹ́ méjì náà ni, ètò yẹn ò yí padà: “a new red car” ni, kì í ṣe “a red new car”.