Epo, Ẹ̀jẹ̀ àti Tàdáwà: Ohun Tí Ó Ń Yọ Ọ̀kọ̀ọ̀kan Kúrò Lára Aṣọ

Àbàwọ́n mẹ́ta tí ó sábà máa ń fún alágbàfọ̀ níṣẹ́ ni epo, ẹ̀jẹ̀ àti tàdáwà. Ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń di òwú aṣọ mú kò jọra. Epo kì í pò pọ̀ mọ́ omi, nítorí náà omi lásán kò lè gbé e kúrò. Ẹ̀jẹ̀ tútù ń yòrò nínú omi dáadáa, ṣùgbọ́n purotéènì wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń dì bí ooru bá kàn án. Tàdáwà bíírò ní tirẹ̀ jẹ́ aró tí wọ́n pò mọ́ ohun tí ó ki, tí kì í sì í yòrò nínú omi. Ìdí nìyí tí omi gbígbóná fi ń ṣèrànwọ́ bí epo pupa bá ta sí aṣọ, tí omi gbígbóná kan náà sì ń ba aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ta sí i, kí ó tó mú ọṣẹ tàbí oògùn èyíkéyìí.

Ẹ̀jẹ̀ ni kì í gba ìfòní-dónìí. Bí ó bá ṣì tutù, omi tútù tó ń ṣàn ni ó dára jù fún un. Kí wọ́n yí aṣọ náà sí òdì, kí omi máa ti ẹ̀yìn àbàwọ́n gba inú aṣọ jáde, kí ó lè tì í padà sí ibi tí ó gbà wọlé. Bí omi tó ń jáde kò bá pupa mọ́, kí wọ́n rẹ aṣọ náà sínú omi tútù mìíràn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọṣẹ gbo ojú ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì pẹ́ lára aṣọ kò nílò jù báyìí lọ.

Ohun tí ó ń sọ iṣẹ́ kékeré yìí di ńlá ni omi gbígbóná. Bí funfun ẹyin ṣe máa ń dì nínú omi tó ń hó, tí kò sì ní di omi mọ́ láé, bẹ́ẹ̀ ni purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń dì mọ́ àárín òwú aṣọ. Èyí tí ó bá ti dì báyìí kò ní yòrò mọ́, yóò sì di ojú dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tí ọṣẹ lásán kò lè ká. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti ẹ̀rọ tí ń fi ooru gbẹ aṣọ ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí kan náà. Nítorí náà, aṣọ tí a bá rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan iná títí ojú ibẹ̀ yóò fi mọ́ pátápátá.

Fún ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, nǹkan méjì ló wà tí ó ń ṣiṣẹ́ gidi. Àkọ́kọ́ ni ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun tàbí olómi tí wọ́n kọ ẹ́ńsáìmù sí ara páálí tàbí ike rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù yìí máa ń gé purotéènì sí wẹ́wẹ́ títí omi yóò fi lè gbé e lọ. Ọjọ́ ọgbọ́n yìí ti pẹ́: ní 1913, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì kan, Otto Röhm, gba àṣẹ lórí ọṣẹ tí ó lo ẹ́ńsáìmù inú àmọ́ ẹran, ìyẹn ẹ̀yà ara tí ń fi oje ran oúnjẹ lọ́wọ́ láti dà nínú ikùn. Ẹ́ńsáìmù kì í kánjú o. Ó fẹ́ kí aṣọ wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tàbí omi tútù fún wákàtí mélòó kan, tàbí kí ó sùn sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi tó ń hó ń pa á. Ohun kan sì wà tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí: irun àgùntàn àti sílíkì, títí kan sányán tí wọ́n fi òwú kòkòrò hun, purotéènì ni àwọn náà. Ọṣẹ ẹ́ńsáìmù lè jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, nítorí náà omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ló tọ́ sí wọn.

Èkejì ni háídírójìn pẹrọ́kísáìdì, tí àwọn oníkẹ́míìsì ń tà nínú ìgò aláwọ̀ dúdú. Èyí tí wọ́n kọ 3% sí lára ni kí wọ́n lò. Bí ó bá kan ẹ̀jẹ̀, yóò hó rùrù, yóò sì yọ ìfófó funfun. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n fi omi tútù ṣan án, kí wọ́n sì tún un dà bí ó bá ṣẹ́ kù. Bí kò bá hó rárá lórí ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì pẹ́, ó ṣeé ṣe kí agbára rẹ̀ ti tán nínú ìgò, torí ìmọ́lẹ̀ àti ọjọ́ pípẹ́ máa ń sọ ọ́ di omi lásán. Ó lè ṣí aró aṣọ, nítorí náà aṣọ funfun ló bá mu jù. Bí aṣọ bá ní àwọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ kán díẹ̀ sí abẹ́ ìgbátí tí ojú kò tó.

Epo kò jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ purotéènì rárá. Ohun tó ń ká a ni ọṣẹ tó lè gé ọ̀rá, pàápàá ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Apá kan ọṣẹ fẹ́ràn epo, apá kejì fẹ́ràn omi. Apá àkọ́kọ́ á rọ̀ mọ́ epo, apá kejì á sì fà á sínú omi tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ. Kí ó tó lè rí iṣẹ́ yìí ṣe, ọṣẹ náà gbọ́dọ̀ kan epo kí omi tó kàn án. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn sáré bu omi lu epo, lẹ́yìn náà kí ó wá máa wá ọṣẹ.

Bí epo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí aṣọ, kí wọ́n fi ìdí ṣíbí ha èyí tó wà lójú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n da páúdà ọmọdé tàbí sítáàṣì gbígbẹ lé ojú ibẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó fa epo mu, kí wọ́n wá gbọ̀n ọ́n dànù. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n kán ọṣẹ abọ́ sí ojú ibẹ̀ ní gbígbẹ, kí wọ́n fi ìka rà á wọlé, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tó gbóná dé ìwọ̀n tí aṣọ náà lè gbà ni kí wọ́n fi ṣan án, torí ooru ń yọ́ epo. Aṣọ pọ́líẹ́sítà máa ń di epo mú ju aṣọ òwú lọ, ó sì lè gba kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Epo pupa ní ìṣòro kejì. Bí ọ̀rá rẹ̀ bá tilẹ̀ ti lọ, àwọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kárótíìnì, lè ṣẹ́ kù bí ojú pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Oòrùn ló ń ká ìyẹn. Bí wọ́n bá sá aṣọ funfun tí wọ́n ti fọ ọ̀rá rẹ̀ tán sí oòrùn, àwọ̀ náà yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Epo ẹ́ńjìnnì náà ní èédú àti ìpépé irin nínú. Àwọn mẹkáníìkì máa ń fi kẹrosíìnì díẹ̀ yọ́ ọ kí wọ́n tó fi ọṣẹ abọ́ lé e. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìta gbangba, níbi tó jìnnà sí iná, ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe é, aṣọ náà kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí kan áyọ́ọ̀nù títí òórùn kẹrosíìnì yóò fi kúrò lára rẹ̀.

Ojú epo kì í hàn bí aṣọ bá tutù. Kí wọ́n sá a síbi ibòji kí ó gbẹ, kí wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò. Bí ibì kan bá ṣú ju ibi yòókù lọ, epo ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n má sì tíì lọ̀ ọ́.

Ní ti tàdáwà, ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ irú kálàmù tí ó jáde wá. Bíírò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lónìí wá láti ọwọ́ oníròyìn ará Họ́ńgárì, László Bíró, tí ó gba àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1938. Tàdáwà tó ki ló ń lò, kí ó má baà tètè dà jáde. Ọtí líle ló ń yọ́ irú tàdáwà bẹ́ẹ̀: sípíríìtì tí àwọn oníkẹ́míìsì ń tà, èyí tí kò ní àwọ̀, tàbí sanitáísà ọwọ́ tó ní ọtí líle nínú.

Ẹ jẹ́ kí a mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọmọ ilé ìwé kan, òwú pẹ̀lú pọ́líẹ́sítà, tí bíírò jò sí ìsàlẹ̀ àpò àyà rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, torí omi á dín agbára sípíríìtì kù. Kí wọ́n ki àkísà funfun sínú àpò náà kí tàdáwà má baà ràn dé ara ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n da ojú àpò dé orí àkísà mímọ́ mìíràn, kí wọ́n ti òwú tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì bọ ẹ̀yìn àbàwọ́n, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láti etí rẹ̀ wá sí àárín. Kí wọ́n má ṣe fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí ìyẹn ló ń sọ ojú kékeré di ńlá. Àkísà ìsàlẹ̀ yóò máa gba búlúù. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti gba díẹ̀ ni kí wọ́n sún un síbi tó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tàdáwà á padà sínú aṣọ. Bí àkísà kò bá gba nǹkan kan mọ́, kí wọ́n fi ọṣẹ abọ́ gbo ìyókù, kí wọ́n ṣan án, kí wọ́n tó fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà bí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́.

Bí àkísà kò bá gba àwọ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀, bíírò lásán kọ́ nìyẹn. Tàdáwà kálàmù onírọ́bà àtijọ́ jẹ́ ti omi, omi tútù léraléra pẹ̀lú ọṣẹ ló ń fọ̀ ọ́. Ti kálàmù jẹ́ẹ̀lì máa ń ní ẹ̀rún àwọ̀ tí kì í yòrò nínú omi tàbí ọtí líle, ó sì sábà máa ń ṣẹ́ kù lára aṣọ. Mílíìkì tí àwọn kan ń dà sí tàdáwà kò ṣeé gbára lé: ọ̀rá àti purotéènì rẹ̀ nìkan ló máa ń fi kún àbàwọ́n.

Bílíìṣì kì í gbé epo kúrò, ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń jẹ sányán àti irun àgùntàn. Lórí òwú funfun nìkan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ àbàwọ́n gan-an tán tó ku àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ni ó wúlò, bí wọ́n bá là á mọ́ omi bí ara ike rẹ̀ ti wí. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ fínígà, oje ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohun tí ìtọ̀ wà lára rẹ̀, nítorí èéfín tí yóò jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.