Bí Ará Ibi Iṣẹ́ Bá Finú Hàn Yín

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́. Lóru, nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan sọ fún obìnrin tó máa ń pè ní Àǹtí pé ọkùnrin ni ẹni tí òun ń fẹ́, pé àwọn jọ ń gbé ni. Kí ló yẹ kí Àǹtí sọ?

Èsì tó dáa kò gùn: “O ṣeun tí o sọ fún mi. Ta ló tún mọ̀ níbí? Ṣé o fẹ́ kó mọ láàárín àwa méjèèjì?” Ìbéèrè yìí gan-an ni kókó. Èèyàn lè ti sọ fún ọ̀rẹ́ méjì lẹ́nu iṣẹ́, kó má sì tíì sọ fún ọ̀gá, ìjọ tàbí ìyá tó bí i. Ẹni tí kò bá béèrè kò lè mọ ibi tó yẹ kó pa ẹnu mọ́ sí.

Kí Àǹtí má sọ pé, “Mo ti fura tipẹ́,” nítorí ọmọ náà á máa rò pé gbogbo ilé ló ń ṣọ́ òun. Kó má béèrè ẹni tó ń ṣe ìyàwó nínú wọn. Kò sẹ́ni tó ń bi tọkọtaya nípa yàrá wọn. “Ṣé ìyá rẹ gbọ́?” máa ń dún bí ìhàlẹ̀. Ìlérí àdúrà pé kí Ọlọ́run yí i padà náà kò bójú mu. Àǹtí lè di ìgbàgbọ́ tirẹ̀ mú, àmọ́ kì í ṣe ìwàásù lọmọ náà wá gbọ́.

Ìdí tí àṣírí yìí fi wúwo ni pé ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kì í pẹ́ dé Ìbàdàn. Ohùn kan lórí Wasáàpù ti tó. Láti oṣù kìíní ọdún 2014 ni òfin Nàìjíríà ti ka ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14, tó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lé fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ọmọ tó fẹ́ lọ kí àwọn òbí rẹ̀ nílé lè torí òfófó fagi lé ìrìn-àjò náà.

Ẹ má sì rò pé ilé-ẹjọ́ á tún un ṣe lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa òun ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Lítámù. Nígbà tó gba ìgbéga lọ sí Kọ́fẹ́ńtírì, ó fẹ́ fúnra rẹ̀ yan ìgbà tí òun máa sọ, àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ tuntun ti sọ fún ẹlòmíì. Ní 2011, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá a lẹ́bi: ó ti sọ ọ́ síta tẹ́lẹ̀, wọn kò sì rí èrò ibi nínú ohun tí ọ̀gá náà ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olóore ti ń ṣìṣe ni yàrá ìsinmi. Ẹnì kan á fi Yorùbá sọ pé, “Ọmọ yìí ò lóbìnrin. Àbí ọkùnrin ló ń fẹ́ ni?” Ẹ̀rín á sọ. Bí Àǹtí bá fìbínú dáhùn pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ò mọ ohun tó ń là kọjá,” ó ti tú àṣírí nìyẹn. Bó bá sì parọ́ pé ó lóbìnrin, ọmọ náà ni yóò máa gbé irọ́ ọ̀hún kiri. Ohun tó yẹ kó sọ kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni: “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ràn irú àwàdà yìí. Ta ló ń gba iṣẹ́ alẹ́ ọ̀la?”

Bí àwàdà náà ò bá dáwọ́ dúró, kí Àǹtí kọ ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ àti àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Kó tó lọ bá ọ̀gá, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà. Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 ní Bìrìtéènì gbà kí ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bà nínú jẹ́ fẹjọ́ sùn, kódà bí kì í bá ṣe òun ni wọ́n ń bá wí. Nítorí náà, Àǹtí lè fẹjọ́ sùn lórúkọ ara rẹ̀ láìdárúkọ ọmọ náà rárá. Acas máa ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí irú ẹjọ́ yìí, àmọ́ kéèyàn má fi falẹ̀, nítorí ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní gbèdéke.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá já bọ́ lẹ́nu Àǹtí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kó má dákẹ́, kó má sì retí pé kò ní tàn kálẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó lọ bá ọmọ náà, kó sọ ẹni tó gbọ́ àti ohun tó gbọ́, kó tọrọ àforíjì, kó sì béèrè ohun tó fẹ́ kí òun ṣe. Ó lè bínú, àmọ́ yóò ráyè pe ilé kí ẹlòmíì tó pè.